Ọgbọ̀n Pọ́n-ùn Tó Gba Ọwọ́ Ìyá Kọjá

Bí èèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì ní gáréèjì Èjìgbò láàárọ̀, òórùn búrẹ́dì Damaris ni yóò kọ́kọ́ pàdé. Ẹ̀yìn ilé ọkọ rẹ̀ ni ààrò náà wà, ààrò alámọ̀ ńlá tó rí bí ahéré tí kò ní fèrèsé, tí ẹnu rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ a máa ra búrẹ́dì rẹ̀ jẹ lọ́nà. Àwọn tó ń lọ sí Àbíjàn a máa rà á dání, nítorí wọ́n ní kì í tètè bu.

Damaris ti ń súnmọ́ ẹni ogójì ọdún. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, ó ka ìwé mẹ́rin nílé-ìwé míṣọ̀n kí bàbá rẹ̀ tó kú. Ó yára lẹ́sẹ̀, ó yára lẹ́nu, kì í sì í ta àwìn. Abíọ́nà ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, ló gbẹ́ pátákó tó wà lókè tábìlì búrẹ́dì náà fún un: ÀWÌN KÒ SÍ, Ẹ MÁ BÍNÚ.

Wọ́n sọ fún mi ní Èjìgbò pé kò sí obìnrin tó mọ gbèsè san bí i tirẹ̀. Oníwèé-ìròyìn ni mí, mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ọ̀pọ̀ èèyàn, n kì í sì í tètè gbà á gbọ́. Nígbà tí mo bi òun fúnra rẹ̀, ó ní irọ́ ni. Ó ní òun ti fi ọwọ́ ara òun kọ ìwé, òun sì ti jẹ́ kí wọ́n kà á fún gbogbo ará Èjìgbò tó wà ní Àbíjàn, pé òun ti san gbèsè tí òun kò tíì san tán. Lẹ́yìn náà ló sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Mo bi Kàsímù náà, ọkùnrin tó gbé ìwé náà lọ tó sì gbé e bọ̀, kí n lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ wọn yóò bára mu. Ó bára mu ju bí mo ṣe rò lọ.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1963, Damaris kò ní ààrò. Ilé ẹlòmíràn ló ti ń gba búrẹ́dì, tó ń rù ú kiri. Ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olújídé, tó ń ta abọ́ tánńganran lọ́jà ní Àbíjàn láti ìgbà tó ti jẹ́ géńdé. Olújídé kò lọ sílé-ìwé rí, ṣùgbọ́n ó mọ owó. Ó ń kọ́ ilé sí Ìsúndunrin, ìletò kan lẹ́bàá Èjìgbò, ní agboolé wọn, níwájú ilé tí ìyá wọn ń gbé. Ògiri alámọ̀ ti dúró, páànù ló kù. Nínú owó páànù yìí ló ti mú ọgbọ̀n pọ́n-ùn, tó fi rán Kàsímù sí àbúrò rẹ̀.

Kàsímù kì í ṣe ẹbí wọn. Mùsùlùmí ni, ó ń kó aṣọ òfì lọ sí Àbíjàn, ó sì ń kó abọ́ bọ̀. Bó bá ti ń lọ, ìdajì Èjìgbò ni yóò fún un lówó àti iṣẹ́ tí yóò jẹ́. Àdéhùn tí Olújídé fi rán an kò gùn. Òun kò gba èlé. Ohun tí Damaris bá rí, kó máa kó o fún Ìyá. Bó bá ti pọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá, kí Ìyá fi rán Kàsímù sí òun, kí òun fi kún ọjà, nítorí owó tó bá jókòó sílé kì í bímọ.

Bẹ́ẹ̀ ni Damaris ṣe mọ ààrò. Bó bá ti rí owó kó jọ, yóò rìn dé Ìsúndunrin, yóò kà á sílẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, yóò padà sílé, yóò sì fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọjọ́ náà àti iye rẹ̀ sẹ́yìn ìwé orin rẹ̀. Kò bèèrè rí iye tí Ìyá fi ránṣẹ́ àti ìgbà tó fi ránṣẹ́. Lójú rẹ̀, owó tó bá ti kan ọwọ́ Ìyá ti kan ọwọ́ ẹ̀gbọ́n òun nìyẹn. Mo bi í léèrè bóyá kò yẹ kó wádìí. Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í bóyá ó yẹ kó wádìí bí oòrùn yóò bá yọ.

Ní oṣù Kejìlá 1965 ló san èyí tó kẹ́yìn. Ọdún tuntun wọlé, Kàsímù dé láti Àbíjàn, ó wá síbi tábìlì búrẹ́dì láàárọ̀, èèyàn sì pọ̀ níbẹ̀.

“Ìyá Oyè, ẹ kú ọdún o,” ni Kàsímù wí. Oyèdèjì ni àkọ́bí Damaris, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. “Ẹ̀gbọ́n yín kí yín.”

“Ẹ ṣé o, Bàbá Ràfíátù. Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?”

“Àlàáfíà ni. Ó ní páànù ti ń wọ́n. Ó fẹ́ bo ilé Ìsúndunrin kí òjò tó dé, kí ògiri má baà wó. Ó ní bí ẹ bá lè rí nǹkan ṣe sí pọ́n-ùn mẹ́tàlá tó kù yẹn.”

Damaris ní òun kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ohùn tó tún gbọ́ ni ti àgbẹ̀ kan láti ìlú Ọlá tó fẹ́ ra búrẹ́dì kọ́bọ̀ mẹ́ta. Ọkùnrin náà wo òkè, ó wo pátákó, ó sì rẹ́rìn-ín.

“Ìyá Oyè, ẹ bá wa yí pátákó yìí padà o. Ẹ jẹ́ kó kọjú sí inú ilé.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tí Damaris ti kọ̀ láti tà láwìn fún ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ́rìn-ín ju ti gbogbo wọn lọ.

“Pọ́n-ùn mẹ́tàlá wo?” ni Damaris béèrè.

“Èmi ò mọ̀ ọ́n o. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́.”

“Bàbá Ràfíátù, mo ti san owó Bọ̀ọ̀dá tán. Bí kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ojú ọ̀nà ló jẹ ẹ́.”

Kàsímù gbé búrẹ́dì tó ti sanwó rẹ̀, ó sì lọ. Nígbà tí mo bi Kàsímù nípa ọ̀rọ̀ yìí, ó ní òun mọ̀ pé òun gan-an ni obìnrin náà ń pè ní ojú ọ̀nà. Ó ní òun mọ iye tí òun ti gbé lọ láti ọwọ́ Ìyá, kò ju pọ́n-ùn mẹ́tàdínlógún lọ. Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní, “Ẹni tó ń bá èèyàn gbówó, tó bá tún ń ka iye rẹ̀ létí ọjà, ta ni yóò tún fún un ní tọ́rọ́?”

Damaris kò sọ fún ọkọ rẹ̀, kò sì lọ bi ìyá rẹ̀. Ó já ìwé kan, ó mú ìwé orin rẹ̀, ó sì jókòó síbi tó ti ń po ìyẹ̀fun. Mo ti rí ìwé náà. Ìlà rẹ̀ gún, kò sí ibi tó ti pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀. Ohun tó kọ nìyí:

Sí ẹ̀gbọ́n mi, Olújídé.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́. Gbogbo ilé kí yín. Mo gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ rán Kàsímù. Ọgbọ̀n pọ́n-ùn ni mo yá lọ́wọ́ yín ní oṣù Kìíní 1963. Bí mo ṣe san án nìyí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

9 oṣù Karùn-ún 1963, pọ́n-ùn méjì.
22 oṣù Kẹjọ 1963, pọ́n-ùn mẹ́ta.
18 oṣù Kejìlá 1963, pọ́n-ùn mẹ́rin.
12 oṣù Kẹrin 1964, pọ́n-ùn méjì àti ṣílè mẹ́wàá.
30 oṣù Keje 1964, pọ́n-ùn méjì àti ṣílè mẹ́wàá.
19 oṣù Kejìlá 1964, pọ́n-ùn márùn-ún.
3 oṣù Karùn-ún 1965, pọ́n-ùn mẹ́ta.
14 oṣù Kẹsàn-án 1965, pọ́n-ùn mẹ́ta.
20 oṣù Kejìlá 1965, pọ́n-ùn márùn-ún.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọgbọ̀n pọ́n-ùn. N kò jẹ yín ní kọ́bọ̀ kan. Bí páànù bá wọ́n, ẹ sọ fún mi kí n ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba owó kan lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi àbúrò yín, Damaris.

Ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun kò mọ̀wé. Ó mọ̀ pé ẹlòmíràn ni yóò kà á fún un. Ìyẹn gan-an ló fẹ́. Nígbà tó ń fún Kàsímù ní ìwé náà ní oṣù Kejì, ó ní, “Bàbá Ràfíátù, iwájú èèyàn ni wọ́n ti rán yín sí mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á níwájú èèyàn.”

Àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba nígbà náà, wọ́n ń tú ẹrù wò lójú ọ̀nà, ìrìn Kàsímù sì pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó dé Àbíjàn ní ọjọ́ Jímọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ará Èjìgbò jókòó sábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n máa ń jókòó sí. Ọkùnrin kan wà láàrin wọn tó ń jẹ́ Olúrántí, akọ̀wé níbi iṣẹ́ àwọn tó ń ta igi gẹdú. Òun ló máa ń ka ìwé fún gbogbo wọn. Ohùn rẹ̀ a máa ròkè, ó sì fẹ́ràn kó máa ka ìwé bí ẹni tó ń ka Bíbélì.

Ó ka ti Damaris. Nígbà tó dé orí ìkarùn-ún, àwọn èèyàn ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Nígbà tó dé ibi àpapọ̀, ẹnì kan tó ti pẹ́ ní ìlú náà fi èdè Faransé wí pé ó ti parí, “Sé fìní.” Ẹlòmíràn ní, “Jídé, ṣé páànù wúrà lo fẹ́ fi bo ilé ni, tó o fi ń gbowó lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ obìnrin?”

Olújídé kò bínú. Kàsímù ní ohun tó dun òun jù nìyẹn. Ọkùnrin náà kàn béèrè lọ́wọ́ Olúrántí pé, “Ọwọ́ ta ló kọ pé òun san án sí?”

Olúrántí wo ìwé náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. “Kò kọ orúkọ ẹnì kankan.”

“Ó dára. Mú un wá.” Ó gba ìwé náà, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sápò. Àwọn èèyàn ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó dìde.

Nígbà tí Kàsímù ń padà bọ̀, Olújídé fún un ní ìwé náà. “Bá mi fún Damaris. Sọ fún un pé kó kà á fún Ìyá. Kó kà á bó ṣe kọ ọ́, kó má fo ìkankan.”

“Ṣé kí n sọ iye tí mo ti gbé fún ọ?”

“Má sọ ọ́. Kó ṣáà kà á fún Ìyá.”

Ní òpin oṣù Kẹta, Damaris mú ìwé náà lọ sí Ìsúndunrin. Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń lọ. Ó rò pé Ìyá ni ẹlẹ́rìí òun, pé Ìyá yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, yóò sì ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá pé kó tọrọ àforíjì. Ojú ọ̀run ti ń dúdú lápá ìlà-oòrùn nígbà náà, ṣùgbọ́n òjò kò tíì rọ̀.

Ìyá wọn, Yéjídé, jókòó sórí àpótí níwájú ilé, ó ń fi òkúta pa èkùrọ́. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ gan-an ni ògiri ilé Olújídé, yàrá mẹ́rin tí kò ní orí, tí koríko ti ń hù lórí rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń wò ó.

“Ìwé kí lo mú dání?” ni ìyá béèrè.

“Ìwé tí mo kọ sí Bọ̀ọ̀dá ni. Wọ́n ní kí n kà á fún yín.”

“Èmi kẹ̀? Ṣé mo ti di tísà ni?”

Damaris rẹ́rìn-ín, ó jókòó sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. “Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún, pọ́n-ùn méjì.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni ìyá wí. “Ṣílè ni gbogbo rẹ̀. Fúláwà kún un lára.”

“Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹjọ, pọ́n-ùn mẹ́ta.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Dúró níbẹ̀.”

“Ìyá, ó ṣì kù.”

“Mo mọ̀ pé ó kù. Mo ní kó o dúró. Ṣebí lẹ́yìn èyí ni Abíọ́nà já bọ́ láti orí òrùlé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ta ló san owó ilé ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́?”

“Ẹ̀yin ni. Ẹ fún mi ní pọ́n-ùn mẹ́ta.”

“Ó dára. Máa kà á lọ.”

Damaris ní òun kò fura síbẹ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì, ohun kan náà ló sì sọ. Ó ka ti Kérésìmesì 1963, Ìyá ní bẹ́ẹ̀ ni, òun fi í kún pọ́n-ùn méjì tó wà nílẹ̀, òun sì fi mẹ́fà rán Kàsímù. Ó ka ti oṣù Kẹrin, ó ka ti oṣù Keje. Ìyá tún ní kó dúró.

“Òjò wo ló wó ààrò rẹ?”

Níbí ni ohùn Damaris ti yí padà. Ó rántí òjò náà. Oṣù Kẹjọ 1964 ni. Ìdajì ààrò náà wó lulẹ̀, búrẹ́dì wà nínú rẹ̀. Ó sunkún wá sí Ìsúndunrin, ìyá rẹ̀ sì wọ yàrá lọ, ó bọ́ síta, ó fi nǹkan tí wọ́n dì sínú àkísà lé e lọ́wọ́. Pọ́n-ùn mẹ́rin àbọ̀ ló wà níbẹ̀.

“Ìyá,” ni Damaris wí, “ẹ ní owó èkùrọ́ yín ni.”

“Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ‘gbà.’ Ìwọ lo kúnlẹ̀, tó o ní, ‘Ìyá, ẹ kú owó èkùrọ́.’ Mi ò dá ọ lóhùn.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Bí mo bá sọ pé owó Jídé ni, ṣé o ó gbà á?”

“N kò ní gbà á.”

“Ààrò ńkọ́?”

Ìyá gbé òkúta, ó pa èkùrọ́ kan, ó ṣa ọmọ inú rẹ̀ sínú igbá. Ó tún mú òmíràn.

“Owó ọmọ mi ọkùnrin wà nínú yàrá,” ni ìyá wí, “ọmọ mi obìnrin ń sunkún níta. Kí n jókòó lé e? Mo rò pé n ó dí i. Gbogbo ìgbà tó o bá kó òmíràn wá, mo ń rò pé n ó fi dí i. Mi ò mọ̀ pé ò ń kọ ọ́ sílẹ̀.” Ó pa èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Kà á. Ṣebí Jídé ní kó o má fo ìkankan. Ó ti mọ̀, àbí? Ọmọ yẹn mọ ìyá rẹ̀.”

Damaris kà á dé ìparí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ. Lẹ́yìn ti Kérésìmesì 1964 ni ìyá rẹ̀ ti mú pọ́n-ùn mẹ́ta fún un láti fi kún owó ilé-ìwé Oyèdèjì ní oṣù Kìíní. Lẹ́yìn ti oṣù Kẹsàn-án 1965 ló tún fún un ní pọ́n-ùn méjì àbọ̀, nígbà tí ẹni tó ń ta ìyẹ̀fun fún un ní òun kò tún ní fún un ní àpò kankan láìjẹ́ pé ó san ti ẹ̀yìn. Damaris fi ìka kà á lórí ilẹ̀. Mẹ́ta, mẹ́rin àbọ̀, mẹ́ta, méjì àbọ̀. Mẹ́tàlá. Kò sí tọ́rọ́ kan tí ìyá náà jẹ níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló padà sọ́dọ̀ òun.

Mo ní ìbéèrè kan tí mo rò pé ó yẹ kí oníwèé-ìròyìn béèrè, mo sì béèrè rẹ̀. Mo ní, “Ìyá yín ń ta èkùrọ́ ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀. Ṣé lóòótọ́ lẹ rò pé òun ló ní pọ́n-ùn mẹ́rin àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?”

Damaris ń po ìyẹ̀fun. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Ìyá náà béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní èkùrọ́ mélòó ni òun yóò pa kó tó pé bẹ́ẹ̀, èmi tí mo mọ ìṣirò.” Ó yí ìyẹ̀fun náà padà. “Mo mọ̀. N kò fẹ́ mọ̀ ni.”

Ó ní nígbà tí òun dìde lọ́jọ́ náà, ojú òun bọ́ sórí ògiri ilé ẹ̀gbọ́n òun, òun kò sì lè wò ó tán. Pọ́n-ùn mẹ́tàlá kò lè bo gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbá bo yàrá méjì. Nígbà tí òun wà ní ilé tí páànù wà lórí rẹ̀, tí òun ń fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọjọ́ àti iye, òjò ọdún mẹ́ta ń jẹ ilé ẹni tó yá òun lówó. Òun sì ti sọ ọkùnrin náà di ẹlẹ́yà lójú àwọn ará ìlú rẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹrin. Ògiri yàrá kan wó. Yàrá tí Olújídé ní yóò jẹ́ ti Ìyá ni.

Ohun tó ṣòro fún Damaris kì í ṣe bí yóò ṣe san pọ́n-ùn mẹ́tàlá. Ohun tó ṣòro ni ohun tí yóò kọ. Bó bá kọ òtítọ́ bó ṣe rí, wọn yóò kà á sábẹ́ àtíbàbà pé ìyá Olújídé mú owó Olújídé fún ẹlòmíràn. Bó bá dákẹ́, Olújídé yóò máa jẹ́ ẹni tó ń gbowó lẹ́ẹ̀mejì títí ayé. Ó kọ ìwé lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi dáná nígbà mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó kọ èyí tó fi ránṣẹ́:

Ẹ̀gbọ́n mi, Olújídé.

Ìwé tí mo kọ sí yín kò pé. Mo kọ èyí tí mo san, n kò kọ èyí tí mo gbà padà. Èyí tí mo gbà padà nìyí.

Oṣù Kẹwàá 1963, pọ́n-ùn mẹ́ta, fún ẹsẹ̀ Abíọ́nà.
Oṣù Kẹjọ 1964, pọ́n-ùn mẹ́rin àti ṣílè mẹ́wàá, fún ààrò tó wó.
Oṣù Kìíní 1965, pọ́n-ùn mẹ́ta, fún ilé-ìwé Oyèdèjì.
Oṣù Kẹwàá 1965, pọ́n-ùn méjì àti ṣílè mẹ́wàá, fún ìyẹ̀fun.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn mẹ́tàlá. Ẹ̀yin lẹ jàre. Èmi ni mo gbà á, ẹnì kankan kò gbà á fún mi. Ẹ dárí jì mí.

Mo sọ fún un pé ‘ẹnì kankan kò gbà á fún mi’ yẹn kì í ṣe òtítọ́ délẹ̀délẹ̀. Ó ní, “Ọwọ́ ta ni owó náà wọ̀?”

Ó gbé ìwé náà lọ sí ilé Kàsímù fúnra rẹ̀. Ràfíátù, ọmọ Kàsímù, gbé àga fún un, kò jókòó. Ó kúnlẹ̀ sórí ẹní tí wọ́n ń kírun lé.

“Bàbá Ràfíátù, mo sọ pé ojú ọ̀nà ló jẹ owó. Ẹ má bínú sí mi.”

“Ẹ dìde, Ìyá Oyè, ẹ̀ ń ba ẹní mi jẹ́.” Kàsímù ní òun fi ṣe àwàdà ni, nítorí ojú ti òun náà. “Ẹ jẹ́ kí n gbé e fún un nílé. N ó ní kí Olúrántí kà á fún un ní kọ̀rọ̀.”

“Rárá o. Ibi tí wọ́n ti ka ti àkọ́kọ́ ni kí wọ́n ti ka èyí. Àwọn èèyàn yẹn náà ni kó gbọ́ ọ.”

Kàsímù jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an. Ó ní Olújídé kọ́kọ́ na ọwọ́ láti gba ìwé náà, pé kí wọ́n jẹ́ kó di alẹ́. Kàsímù ní àbúrò rẹ̀ kò gbà. Olúrántí bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè bí ti àkọ́kọ́. Nígbà tó ka ti ẹsẹ̀ Abíọ́nà àti ti ààrò, Olújídé gbọ́wọ́ sókè.

“Ó tó, Olúrántí. Mo ti gbọ́.”

“Ó ku méjì.”

“Mo ní mo ti gbọ́.”

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó sọ “Sé fìní” nígbà yẹn ní òun ń lọ ra sìgá, kò sì padà wá. Mo bi Kàsímù bóyá ẹnì kan tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Olújídé. Ó ní, “Níbo lẹ ti rí irú ẹ̀ rí?”

Èsì tí Olújídé fi ránṣẹ́ kò kọjá gbólóhùn mẹ́ta. Kí Damaris fi páànù bo orí ààrò rẹ̀, kó má baà wó mọ́. Kó san pọ́n-ùn mẹ́tàlá náà bó bá ṣe rí i. Kó sì máa kó o fún Ìyá bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹta yìí ni Damaris kò fẹ́ gbọ́. Ó ti pinnu pé ọwọ́ Kàsímù ni òun yóò máa kó o sí tààrà. Ó ní òun bẹ Kàsímù kó gbà bẹ́ẹ̀. Kàsímù ní, “Bí ẹ ò bá kó o fún Ìyá mọ́, kí ni Ìyá máa rò pé ẹ ń pe òun?” Lẹ́yìn èyí ni Damaris tó rí ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí.

Wọ́n fi páànù bo ilé Ìsúndunrin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1968, lẹ́yìn tí wọ́n tún ògiri tó wó mọ. Èyí tó kẹ́yìn nínú owó náà, pọ́n-ùn méjì, ni Damaris san ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Mo wà níbẹ̀. Kàsímù náà wà níbẹ̀, nítorí Ìyá kì í gba owó mọ́ bí Kàsímù kò bá jókòó ti òun. Damaris ka owó náà síwájú ìyá rẹ̀. Ìyá kò jẹ́ kó kan itan rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, ó yíjú, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún náà nà án sí Kàsímù.

“Gbà á,” ló wí. “Gbà á kíá. Bó bá pẹ́ lọ́wọ́ mi, aláìsàn kan máa dé.”

Kàsímù rẹ́rìn-ín. Damaris kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ilẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ìyá náà wọ inú ilé, ó sì gbé iṣu méjì jáde. Ó nà án sí ọmọ rẹ̀. Damaris kò tètè na ọwọ́.

“Ta ló ni ín, Ìyá?” ló béèrè.

Ìyá wò ó. Mo rò pé yóò bínú. Ó kàn gbé iṣu náà sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Damaris, ó padà sórí àpótí rẹ̀, ó sì gbé òkúta.

“Èmi ni mo gbìn ín,” ló wí. “Bi àwọn ará oko.”

Damaris gbé iṣu náà. A rìn dé ìta Ìsúndunrin kó tó sọ ọ̀rọ̀ kan, ohun tó sì sọ kò ju pé ìyẹ̀fun tún ti gbówó lórí lọ.